Mọ́tò tara ẹni àbí kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú mọ́tò orí fóònù: èló gan-an ló ń lọ lọ́dún ní Ifẹ̀ yìí?

Ìyá Párákín
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o ẹ̀yin ará. Ẹ̀yìn Párákín lọ́hùn-ún là ń gbé, apá Ìrẹmọ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ó tó kìlómítà 6. Kẹ̀kẹ́ méjì ni mo ń wọ̀ kí n tó débẹ̀, ₦500 ní àlọ, ₦500 ní àbọ̀. Àwọn ọmọ méjèèjì, oníkẹ̀kẹ́ kan ló ń gbé wọn lọ síléèwé, ₦30,000 lóṣù. Tójò bá rọ̀ tàbí ilẹ̀ bá ṣú mo máa ń pe mọ́tò lórí fóònù, bí ẹ̀ẹ̀mẹfà lóṣù, ₦2,500 lẹ́ẹ̀kan. Ṣọ́ọ̀ṣì àti ọjà, ₦5,000 dróòpù lọ́sẹ̀. A tún ń lọ kí màmá mi ní Iléṣà lẹ́ẹ̀mejì lóṣù, èmi àtàwọn ọmọ, ₦9,000 ni àlọ àtàbọ̀ àwa mẹ́ta. Báyìí kọpurétíìfù ibi iṣẹ́ mi fẹ́ yá mi ní mílíọ̀nù 4.8, èlé 10 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, ọkọ mi ní ká fi ra Kòrólà tòkunbọ̀ ká yéé fi owó ṣeré fún oníkẹ̀kẹ́, pé owó kẹ̀kẹ́ yẹn á ra epo á tún ṣẹ́ kù. Ṣé lóòótọ́ ni? Ẹni tó bá ti ní mọ́tò kó sọ fún mi, èló ló ń ná lọ́dún, gbogbo ẹ̀ pátá.

Ọmọ Lágere
Màmá ẹ rà á jàre, ẹ má dúró. Mọ́tò kì í ṣe ìnáwó, owó tẹ́ ẹ fi pamọ́ ni. Mílíọ̀nù 1.9 ni mo ra tèmi ní 2020, ṣáájú kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo, ní oṣù tó kọjá ẹnì kan fẹ́ san mílíọ̀nù 4.2 níwájú ilé mi níbí. Mo ti wà á fún ọdún márùn-ún, mo ṣì jèrè mílíọ̀nù 2.3 lórí ẹ̀. Kẹ̀kẹ́ wo ló ń fún yín ní èrè? Ẹ san owó fún Márúwá títí ayé, ẹ ò ní rí táyà kan gbà padà.

Òṣómàáló
Ẹ̀yin ará Ifẹ̀ ẹ kú ìsinmi. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kẹ́ ẹ má ra Kòrólà rárá, ẹ ra jíìpù. Èmi láti Iléṣà ni mo ti ń lọ Èkó lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, Kòrólà tí mo kọ́kọ́ ní, ẹsẹ̀ ẹ̀ ò lè gba ihò ọ̀nà yẹn, oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni mò ń pààrọ̀ bọ́ṣì, ṣọ́ọ̀kù iwájú méjèèjì jò tán pátá, ó wá dà bí ẹni pé àgbá ni mo jókòó lé. Látìgbà tí mo ti ra Híláńdà, ara mi balẹ̀. Ó ń mu epo o, mi ò ní parọ́, àmọ́ ọ̀nà Èkó yẹn ò ṣeé fi mọ́tò kékeré rìn.

Ìyá Párákín
Ẹ ṣé sà, àmọ́ mi ò lọ Èkó o. Iléṣà ni mo sọ, lẹ́ẹ̀mejì lóṣù. 😂

Ìwé Kékeré
Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ mi. Mo ti fẹ̀yìn tì, akáúńtì ni mo fi gbogbo ayé mi ṣe, ìdí nìyẹn tí mo fi ní ìwé kékeré kan nínú mọ́tò mi tí mò ń kọ gbogbo kọ́bọ̀ tó bá lọ sí i. Kòrólà 2005 ni, mílíọ̀nù 4.8 náà ni mo rà á, ìgboro Ifẹ̀ ni mo fi ń rìn, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan sí Òṣogbo. Ẹ jẹ́ kí n ka ọdún kan gbáko fún yín.

Kìlómítà 8,400 ni mo rìn. Mọ́tò yìí ń rin bíi 10 lórí lítà kan láàárín ìgboro pẹ̀lú éésì, ẹni tó bá ní tòun ń rin 14 ní Lágere, níbi tí gbogbo mọ́tò ti ń sún tí wọ́n ń dúró, ẹ ní kó wá fi hàn mí. Lítà 840 ni, bí mo bá fi ₦900 kà á, ₦756,000. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń dúró, ọkọ yín náà ibẹ̀ ló dúró sí.

Ọ́ìlì ẹ́ńjìn pẹ̀lú fítà, ẹ̀ẹ̀mẹta, ₦126,000. Mi ò ra táyà lọ́dún yẹn, àmọ́ táyà mẹ́rin máa ń tó mi fún ọdún mẹ́ta, ₦240,000, ìdá kan nínú mẹ́ta ẹ̀, ₦80,000, jẹ́ ti ọdún yẹn bí mo tiẹ̀ ò ná an. Bátìrì bákan náà, ₦30,000. Ọdún tí èèyàn ò ra táyà ló máa ń rò pé mọ́tò rọrùn, táyà ti ń jẹ owó ní tiẹ̀ lábẹ́ mọ́tò, ìgbà tó máa béèrè ló kù. Ìtúnṣe, ìyẹn ẹsẹ̀ iwájú, páàdì bíréèkì, rédíétọ̀ tó jò, gáàsì éésì ẹ̀ẹ̀mejì, ₦310,000. Pátíkúlà gbogbo pẹ̀lú ìnṣọ́ránsì ẹnìkẹta, ₦45,000. Ìfọ̀ mọ́tò, owó páàkì, àwọn ọmọ tó ń ní ká ṣe wọ́n lóore nínú ọjà, ₦50,000. Àròpọ̀ ẹ̀ ₦1,397,000.

Ìyẹn nìkan ti ju gbogbo ohun tẹ́ ẹ ń ná lọ. Mo ṣírò tiyín: iṣẹ́ ₦264,000, ọmọ lóṣù iléèwé mẹ́sàn-án ₦270,000, mọ́tò orí fóònù ₦180,000, ṣọ́ọ̀ṣì àti ọjà ₦260,000, Iléṣà ₦216,000. Gbogbo ẹ̀ ₦1,190,000.

Ó wá ku owó tí ẹnikẹ́ni ò bá yín gbà lọ́wọ́, tí ẹ ò ní rí i títí tẹ́ ẹ bá fẹ́ tà á. Lẹ́yìn ọdún kan, mílíọ̀nù 4.6 ni wọ́n fẹ́ ra mọ́tò mi. Ẹ ó ní ₦200,000 péré ló lọ. Rárá o. Irú mọ́tò tí tèmi jẹ́ lọ́jọ́ tí mo rà á, mílíọ̀nù 5.3 ni wọ́n ń tà á báyìí. Ohun tó gbó lára ẹ̀ láàárín ọdún kan, ₦700,000 ni lówó òní. Ẹ wá fi èlé kọpurétíìfù ₦480,000 lé e.

Ọmọ Lágere, ọ̀rọ̀ tìẹ náà nìyẹn. Mo bi ẹ́, tó o bá gba mílíọ̀nù 4.2 yẹn, ṣé ó máa ra irú mọ́tò tó o rà ní 2020, bó ṣe wà nígbà yẹn?

Ọmọ Lágere
Bàbá irú ẹ̀ ti di mílíọ̀nù 6 àtààbọ̀ báyìí.

Ìwé Kékeré
Ó ti dáhùn ara ẹ̀. Mílíọ̀nù 2.3 tó o pè ní èrè yẹn náà lo máa fi kún un kó o tó padà síbi tó o ti bẹ̀rẹ̀. Fi ọdún márùn-ún pín in, ₦460,000 ni mọ́tò ń jẹ lára ẹ̀ lọ́dọọdún. Náírà ló wálẹ̀, mọ́tò ò gòkè.

Ọmọ Lágere
Haa. Ó dáa, mo gbà díẹ̀. Àmọ́ ká ní inú báńkì ni mo fi mílíọ̀nù 1.9 yẹn sí ńkọ́? Ó kéré tán mọ́tò gbé owó mi dání.

Ìwé Kékeré
Ibẹ̀ yẹn lo ti sọ òótọ́ díẹ̀. Ó gbé e dání ju báńkì lọ ní àwọn ọdún yẹn tí náírà ń ṣubú. Àmọ́ dọ́là tún ṣe jù ú lọ, ilẹ̀ náà ńkọ́, kò sì sí èyí tó ń mu ọ́ìlì nínú wọn.

Tísà Ìṣọ́kùn
Bàbá ẹ kú iṣẹ́ takuntakun, ẹ má bínú o, ẹ ti ka nǹkan kan lẹ́ẹ̀mejì. ₦700,000 yẹn, ẹ ti fi owó òní kà á, ìyẹn ni pé bí náírà ṣe fẹ́ẹ́rẹ́ sí i láàárín ọdún ti wà nínú ẹ̀. Èlé kọpurétíìfù náà, ọ̀kan nínú ìdí tí wọ́n fi ń gba èlé ni pé náírà tẹ́ ẹ máa dá padà á fẹ́ẹ́rẹ́ ju èyí tẹ́ ẹ gbà lọ. Tẹ́ ẹ bá kó méjèèjì pọ̀, ẹ̀ ń jẹ ará Párákín níyà lọ́nà méjì. Ẹ mú ọ̀kan. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ka èlé, ẹ lo ₦200,000 lásán tó wálẹ̀ nínú iye tí wọ́n ń pè é, ẹ fi ₦480,000 lé e.

Ìwé Kékeré
Ẹ̀n-ẹ́n. Òótọ́ lẹ sọ Tísà, mo dúpẹ́. Tẹ́ ẹ bá wò ó, ₦680,000 ló jẹ́ lọ́nà tiyín, ₦700,000 lọ́nà tèmi, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, kí n má kàn kó wọn pọ̀ ni. Ẹ jẹ́ ká mú tiyín. ₦1,397,000 àti ₦680,000, ₦2,077,000. Tí mo bá pín in sí kìlómítà mi, ₦247 ni kìlómítà kan, epo nìkan sì jẹ́ ₦90 nínú ẹ̀. Nítorí náà ẹni tó bá ń ka epo nìkan, kò tíì ka ìdajì.

Ìyá Párákín ò ní rìn tó mi ṣá. Mo wo ìrìn wọn, bíi 7,000 ni, epo á dín ní ₦126,000. Ó ku ₦1,951,000. Tẹ́ ẹ bá yọ ₦1,190,000 kúrò, ìyàtọ̀ ẹ̀ ₦761,000.

Awakọ̀ Ọ̀pá
Mò ń ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ ń sọ láti ẹ̀ẹ̀kan. Èmi ni mò ń wa mọ́tò orí fóònù yẹn ní Ifẹ̀ yìí, ẹ jẹ́ kí n ba nǹkan jẹ́ díẹ̀. ₦761,000 yẹn ní ₦2,500, àpè 304 ni, àfikún lórí èyí tí màmá ń pè tẹ́lẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́fà lọ́sẹ̀. Ìyẹn dára lórí ìwé. Àmọ́ iye orí fóònù, ìyẹn nígbà tí oòrùn bá ń ràn. Tójò bá ti ṣú, ó ti di ₦3,500, nígbà mìíràn ₦4,000, ìgbà tójò sì ń rọ̀ gan-an ni màmá ń pè wá, àbí? Ṣé ẹ rí i pé ₦2,500 yẹn kì í ṣe iye tí ẹ máa san lọ́jọ́ tẹ́ ẹ nílò wa jù.

Ìkejì, àwa náà kì í wá. Òótọ́ ni mò ń sọ. Ẹnì kan á pè láti ẹ̀yìn Párákín, èmi wà ní Ọ̀pá, epo tí mo máa jó kí n tó débẹ̀ ò sí lórí owó tí wọ́n máa san, ni ma bá kánsù. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ lọ, ọ̀pọ̀ wa ti pa fóònù. Ohun tí àwọn oníbàárà mi tó gbọ́n ń ṣe ni pé wọ́n ní nọ́ńbà èmi àti ẹnì kan síi, wọ́n ń pè wá tààrà láti àná fún ọ̀la. Màmá, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ẹ máa fi ápù lọ Iléṣà o. A ò ní rí ẹni gbé bọ̀, a ó gba owó àbọ̀ lọ́wọ́ yín. Ẹ lọ wọ mọ́tò ní páàkì bí ẹ ṣe ń ṣe.

Kí n tún sọ ọ̀kan, ìwé kékeré bàbá yìí ti ba ọkàn mi jẹ́. ₦247 ni kìlómítà kan, èmi ò sì tíì ka táyà rí nínú owó mi.

Tísà Ìṣọ́kùn
Ìyá Párákín, ẹ ò dárúkọ owó ọkọ̀ ọkọ yín rárá. Kí ni bàbá ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́?

Ìyá Párákín
Ẹ̀n, mo gbàgbé! Ọ̀nà Ẹdẹ ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, ₦1,000 lójúmọ́ náà, ọjọ́ 24 lóṣù.

Tísà Ìṣọ́kùn
₦288,000 lọ́dún nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá ní mọ́tò tí wọ́n ń já yín sílẹ̀ kí wọ́n tó kọjá, owó yẹn á kúrò, àmọ́ ìrìn mọ́tò á pọ̀ sí i, ẹ jẹ́ ká ní kìlómítà 1,500, epo ₦135,000. Ìyàtọ̀ ₦761,000 á wálẹ̀ sí ₦608,000. Ṣé ẹ rí i, ohun tó ń yí ìṣirò yìí padà jù ni iye èèyàn tó jókòó sínú mọ́tò. Kẹ̀kẹ́ ń gba owó lórí kọ̀ọ̀kan, mọ́tò ò bìkítà. Ẹni tó ń dá wà á lọ, kẹ̀kẹ́ ló rọ̀ ọ́ lọ́rùn jù. Ẹni tó ń kó ọmọ mẹ́rin, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn.

Ọmọ Lágere
Èmi tó jẹ́ pé mọ́tò ti wà nílé mi ńkọ́, ṣé kí n tà á ni?

Ìwé Kékeré
Ìbéèrè tìẹ ò jọ tiwọn. Àwọn ò tíì rà, gbogbo owó ló ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Ìwọ, pátíkúlà, gbígbó, ìyẹn á máa lọ bó o wà á bó ò wà á. Tó o bá fẹ́ mọ̀ bóyá kó o gbé mọ́tò jáde lónìí tàbí kó o wọ kẹ̀kẹ́, epo, ọ́ìlì, táyà àti bí ìdajì owó ìtúnṣe lo máa kà, ó jẹ́ bíi ₦130 sí kìlómítà kan fún mi. Kìlómítà mẹ́fà, bíi ₦800. Tó o bá dá lọ, ₦500 kẹ̀kẹ́ ló dára. Tẹ́ ẹ bá pé mẹ́ta, ₦1,500 ni kẹ̀kẹ́, gbé mọ́tò ẹ jáde. Nígbà tí ẹ́ńjìn bá wá béèrè fún owó ńlá, ọjọ́ yẹn ni ìbéèrè títà dé.

Mẹkáníìkì Ìlódè
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́. ₦310,000 tí bàbá kọ fún ìtúnṣe, ìyẹn jẹ́ ti mọ́tò tí wọ́n ti mọ̀. Tòkunbọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wálé, oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ kì í rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó tà á ti fọ ẹ́ńjìn rẹ̀ kó lè dán, ó ti pa iná tó ń tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Oníbàárà mi kan ra tiẹ̀ ní ìlú kan tí mi ò ní dárúkọ, gíà ló kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹ̀, ₦450,000 kí oṣù tó parí. Kí ẹ tó sanwó, ẹ wá ní òwúrọ̀ kùtù tí ẹ́ńjìn tutù, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ti tan án sílẹ̀ dè yín. Ẹ wo èéfín tó kọ́kọ́ jáde, tó bá funfun tí kò dáwọ́ dúró, tí omi rédíétọ̀ sì ń dínkù, ẹ máa lọ ilé. Ẹ ṣí ìdérí ọ́ìlì, tó bá dà bíi ògì nísàlẹ̀ ẹ̀, omi ti wọ inú ẹ́ńjìn. Ẹ tẹ bíréèkì, ẹ fi sí D, tó bá pẹ́ kó tó mú, tó wá fò mọ́ yín, gíà nìyẹn. Kí ẹ má sì ná mílíọ̀nù 4.8 yẹn tán lórí rírà, ẹ wá ti 4.2, ẹ fi èyí tó kù sílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́.

Òṣómàáló
Ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ ra jíìpù nìyẹn.

Mẹkáníìkì Ìlódè
Bọ̀dá, jíìpù náà ní gíà. Tiẹ̀ wọ́n jù.

Tísà Ìṣọ́kùn
Ohun kan ṣì wà tí a ò tíì fi kún un. Ìnṣọ́ránsì ẹnìkẹta tí bàbá kọ, ₦15,000 ni láti January 2023, tẹ́lẹ̀ ₦5,000 ni. Ìyẹn, tẹ́ ẹ bá gbá mọ́tò ẹlòmíràn, wọ́n á san tó mílíọ̀nù 3 fún un. Tiyín tó fọ́ tàbí tí wọ́n jí lọ, kò kàn wọ́n. Ẹni tó fi owó yíyá ra mọ́tò, tí mọ́tò bá lọ, gbèsè kọpurétíìfù ò lọ pẹ̀lú ẹ̀ o. Èyí tó ń bo mọ́tò yín fúnra ẹ̀, 5 nínú ọgọ́rùn-ún iye ẹ̀ ni ó kéré tán, ₦240,000 lórí mílíọ̀nù 4.8. Bí ẹ bá fi ìyẹn kún un, ìyàtọ̀ á kọjá ₦800,000 padà, pẹ̀lú ọkọ yín nínú ẹ̀.

Ọmọ Lágere
Ẹ̀yin ń ṣírò ṣírò, tí ọmọ bá ń gbóná ní aago méjì òru ńkọ́? Awakọ̀ fúnra ẹ̀ ní òun ti pa fóònù.

Awakọ̀ Ọ̀pá
Ìyẹn ò ní ìdáhùn lọ́dọ̀ mi. Nọ́ńbà oníbàárà mélòó kan nìkan ni mo máa ń gbé lóru, wọ́n sì ń san ₦6,000. Ẹni tí mi ò mọ̀, mi ò ní dìde.

Ìyá Párákín
Ẹ ṣeun gan-an, orí mi wú. Mo ka gbogbo ẹ̀ sókè fún ọkọ mi lálẹ́ àná, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ní owó kì í ṣe gbogbo nǹkan, pé òun ti rẹ̀ láti máa dúró sójú títì. Mo ní kó jẹ́ ká dán nǹkan kan wò ná: a ò ní yá owó yẹn títí di September, a ó máa pe mọ́tò lórí fóònù nígbàkígbà tó bá rẹ̀ wá, láìka iye, a ó sì máa kọ ọ́. Tó bá kọjá ₦50,000 lóṣù lórí ohun tí a ń ná tẹ́lẹ̀, mo gbà, ká lọ ra mọ́tò. Ó gbà, ṣùgbọ́n ó ní òun ní ìbéèrè kan fún bàbá tó ni ìwé kékeré. Ó ní tó bá jẹ́ pé bó ṣe rí nìyẹn, ṣé bàbá ti ta tiwọn?

Ìwé Kékeré
Ẹ kí i fún mi. Mi ò tà á. Orúnkún ìyàwó mi ò jẹ́ kó lè gun kẹ̀kẹ́ mọ́, kò sì fẹ́ kí awakọ̀ kan máa wò ó bó ṣe ń wọlé. Ojú ewé tó gbẹ̀yìn nínú ìwé yẹn, mo kọ ọ́ síbẹ̀: "ìyàtọ̀ kẹ̀kẹ́, ti Màmá ni."